Ẹsẹ̀ Ni Kí Fídíò Ìsọ̀ Tẹ̀lé

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó ń ta aṣọ ní Igolo, létí ọ̀nà tó ti Àjàṣẹ́ wá sí ẹnubodè Ìdíròkó, lè di ojú rìn nínú ìsọ̀ rẹ̀. Oníbàárà tó wà ní Sàngó Ọ̀tà, tó ń wo fídíò lórí Wọ́sáàpù, kò mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Bí ẹ bá ń to àwọn fídíò kéékèèké tí ẹ fi fóònù yà, ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ gba ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ìbá gbà.

Ká mú ìsọ̀ tó ní yàrá ìkẹ́rù lẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ dúró ní òdìkejì títì, kí ìsọ̀ àti ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ hàn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 4. Ẹnu ọ̀nà ló tẹ̀ lé e. Ẹ dá fóònù dúró níbẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá gbé e wọlé láti inú oòrùn á rí i pé inú ilé ṣókùnkùn biribiri. Ẹ wọlé, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fara balẹ̀, kí ẹ tó ya ìkẹta láti igun ilẹ̀kùn, kí gbogbo ìsọ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó tọ ògiri ọwọ́ òsì lọ dé yàrá ẹ̀yìn.

Àwọn kan ní aṣọ tó dára jù ló yẹ kó ṣíwájú. Mo gbà, bí kò bá ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ, tó sì jẹ́ ẹyọ kan.

Yàrá ẹ̀yìn yìí ló ń da ọ̀pọ̀ fídíò rú. Bí ẹ bá ti inú rẹ̀ jáde, tí ẹ tún ń yà, aṣọ tó wà lọ́wọ́ òsì á bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, àlejò á sì rò pé ìsọ̀ míì ni. Ẹ fi yàrá náà parí.

Fóònù náà máa ń da nǹkan rú. Fídíò tí ọmọ iṣẹ́ fi Wọ́sáàpù ránṣẹ́ sí yín, tí orúkọ rẹ̀ dà bíi VID-20240312-WA0003.mp4, ọjọ́ tó dé ló gbé, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n yà á. Ẹ má gbọ́kàn lé ètò tó wà nínú fóònù. Nínú CapCut, bí ẹ ṣe fọwọ́ kan àwọn fídíò tẹ̀ léra ni wọ́n ṣe ń tò. Bí ọ̀kan bá ṣì ipò, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ fà á lọ síbi tó yẹ.

Bí ẹ bá tò ó tán, ẹ pa ohùn fídíò náà, ẹ fún ẹni tí kò dé ìsọ̀ yín rí láti wò ó, kí ẹ bi í pé ọwọ́ wo ni ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn wà. Bí kò bá lè tọ́ka sí i, ẹ padà lọ ya ilẹ̀kùn náà láti inú ìsọ̀, kí ẹ fi í síwájú fídíò yàrá ẹ̀yìn.