Gbígbà sílẹ̀ àbí kíkùn: báwo ni fóònù ṣe ń dá orin tó ń dún ní ṣọ́ọ̀bù mọ̀?

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù kan láti ra nǹkan, orin kan sì ń dún nínú sípíkà tó wà lókè. Ó dùn mọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó ń tajà náà ò mọ̀, fíláàṣì tí ẹnì kan fún un ló kàn tì bọ̀ ọ́. Ọ̀nà méjì ni fóònù yín lè gbà ràn yín lọ́wọ́. Ẹ lè jẹ́ kó fetí sí orin náà fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 lójú ẹsẹ̀. Ẹ sì lè délé kẹ́ ẹ fi ẹnu ara yín kùn ún sí i létí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun kan náà ni fóònù ń ṣe nígbà méjèèjì. Rárá o. Èyí àkọ́kọ́ ń wá àwo kan pàtó, ìyẹn bí olórin ṣe kọ orin náà lọ́jọ́ kan, ní ibì kan. Èkejì ń wá ohùn orin náà, ẹnikẹ́ni tó wù kó kọ ọ́. Tí ìyàtọ̀ yìí bá yé yín, ẹ ó mọ èyí tó yẹ kẹ́ ẹ lò, ẹ ó sì mọ ìdí tí fóònù fi ń sọ nígbà míì pé òun ò rí nǹkan kan.

Gbogbo àwo ló ní ìtẹ̀ka tirẹ̀

Ní 2002 ni Shazam bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì tíì sí áàpù kankan lórí fóònù nígbà yẹn. Èèyàn á tẹ 2580, á na fóònù síbi tí orin ti ń dún, ìpè náà á já fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà orúkọ orin á wọlé gẹ́gẹ́ bíi tẹ́ẹ́sì. Ẹ wo bọ́tìnnì fóònù yín, ẹ ó rí i pé nọ́ńbà mẹ́rin yẹn ló tò sí àárín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Avery Wang, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó dá a sílẹ̀, ló kọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ jáde ní 2003.

Bó ṣe rí nìyí. Tí fóònù bá ti gba orin sílẹ̀, ẹ̀rọ á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Nínú ègé kọ̀ọ̀kan, á wo àwọn ohùn tó wà níbẹ̀, èyí tó lọ sílẹ̀ bíi ti ìyá ìlù àti èyí tó ga bíi ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, á sì wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pariwo tó. Kì í tọ́jú gbogbo rẹ̀. Ibi tí ohùn ti pariwo ju gbogbo ohun tó yí i ká lọ nìkan ló ń mú.

Ẹ fojú inú wo Ìdànrè ní òwúrọ̀ tí kùrukùru bò ó. Ẹ ò ní rí ilé, ẹ ò ní rí ọ̀nà, ṣùgbọ́n orí àwọn òkè ṣì máa yọ. Bí ariwo ṣọ́ọ̀bù ṣe rí nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ ń dún, àwọn oníbàárà ń ná ọjà, ọmọ ń sunkún, gbogbo ìyẹn ni kùrukùru. Ṣóńṣó orin ṣì máa yọ lára wọn. Ìdí nìyí tí fóònù fi lè dá orin mọ̀ níbi tí ẹ̀yin fúnra yín ò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ á so àwọn ṣóńṣó yìí pọ̀ ní méjì-méjì. Ká ní ọ̀kan jẹ́ ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 440 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí èkejì ń gbọ̀n nígbà 660, tí ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Nọ́ńbà mẹ́ta yìí, 440, 660 àti 0.5, ló di ìlà kan nínú ìtẹ̀ka orin náà. Orin kan ṣoṣo máa ń ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu.

Ṣùgbọ́n ìlà kan lè wà nínú orin púpọ̀, bí èèyàn méjì ṣe lè jọra ní imú. Ohun tó ń yanjú ọ̀rọ̀ náà ni àkókò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ohun tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀ ní ìlà mẹ́ta, ní ìṣẹ́jú-àáyá 1, 3 àti 6. Nínú ilé àkójọ, ẹ̀rọ rí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú orin A ní ìṣẹ́jú-àáyá 61, 63 àti 66. Ó tún rí wọn nínú orin B ní 12, 95 àti 40. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ara wọn. Ní ti orin A, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60, 60, 60. Ní ti orin B, ó jẹ́ 11, 92 àti 34. Orin A ni. Ẹ̀rọ tiẹ̀ ti mọ̀ pé ìṣẹ́jú kan gééré ni orin náà ti lò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí gbà á. Orin B kàn ṣe kòńgẹ́ ni.

Ibi tí ìtẹ̀ka ò ti lè ràn yín lọ́wọ́

Ẹ ti rí i pé nọ́ńbà ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Tí díjéè bá mú kí orin sáré sí i ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, 440 á di 484, 660 á di 726, àkókò àárín wọn náà á dín kù. Ẹ̀yin á ṣì mọ orin náà, ṣùgbọ́n ìtẹ̀ka rẹ̀ ti yàtọ̀. Bákan náà, tí olórin kan náà bá kọ orin rẹ̀ ní òde àríyá, kò lè kọ ọ́ bó ṣe kọ ọ́ ní sítúdíò gẹ́lẹ́. Ìtẹ̀ka méjì nìyẹn, ilé àkójọ sì lè máà ní ju ti sítúdíò lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àǹtí mi nìyẹn. Wọ́n lọ ra aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, fún ìrántí ọdún kẹwàá bàbá wọn. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni wọ́n ti gbọ́ orin jùjú kan tí bàbá máa ń kọ tí wọ́n bá ń fọ mọ́tò. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n fi orin náà ṣeré lọ́jọ́ ìrántí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ nínú ilé mọ́. Wọ́n gbọ́n, wọ́n gba ìṣẹ́jú-àáyá 12 sílẹ̀ bíi fóìsì nóòtì, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fi fóònù kan gbé e, mo ṣí Shazam lórí èkejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú, kò rí nǹkan kan.

Mo wá fi nǹkan etí gbọ́ ọ dáadáa. Àtẹ́wọ́ wà níbẹ̀, olórin sì ń kí àwọn èèyàn láàárín orin. Òde àríyá ni wọ́n ti gbà á. Kò sí bí mo ṣe lè tún un gbé tí ìtẹ̀ka rẹ̀ á fi bá ti sítúdíò mu. Mo pe àǹtí mi, mo ní, "Ẹ má wulẹ̀ dààmú lórí èyí mọ́, àǹtí. Ẹ kùn ún fún mi."

Kíkùn: gòkè, sọ̀kalẹ̀, dúró

Tẹ́ ẹ bá ń kùn, kò sí ìlù, kò sí gìtá, ohùn yín kì í ṣe ti olórin, ibi tẹ́ ẹ ti mú un lè ga jù tàbí kó lọ sílẹ̀ jù. Ṣóńṣó kankan ò lè bára mu. Ohun tó ṣẹ́ kù ni bí ohùn ṣe ń rìn.

Ìyẹn ò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Dò, re, mí la fi ń kọ́ ohùn ọ̀rọ̀ nílé ìwé. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá "mí" ti ọkùnrin bá ti obìnrin mu, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ó ga ju "re" lọ. Ní 1975, Denys Parsons tẹ ìwé kan jáde tó fi irú ọgbọ́n yìí to àwọn orin. Ó kàn ń wò ó bóyá ohùn gòkè, ó sọ̀kalẹ̀, tàbí ó dúró síbi tó wà.

Ẹ jẹ́ ká fi orin ọjọ́ ìbí tí gbogbo ayé mọ̀ dán an wò. Ohùn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni so so la so do ti, so so la so re do. Ká fi G dúró fún gòkè, S fún sọ̀kalẹ̀, D fún dúró. Ohùn àkọ́kọ́ ò ní àmì, torí kò sí ohun tó ṣáájú rẹ̀:

```
D G S G S S D G S G S
```

Ẹ fi ohùn bàbá àgbà kùn ún, ẹ fi ti ọmọdé kùn ún, ẹ súfèé rẹ̀, àmì mọ́kànlá yìí ò ní yí padà. Google, tó gbé tirẹ̀ jáde ní 2020, ń ṣe jù báyìí lọ. Ẹ̀rọ rẹ̀ ti kọ́ láti ara ọ̀pọ̀ orin tí àwọn èèyàn kùn, tí wọ́n kọ, tí wọ́n sì súfèé, bí á ṣe yọ ohun èlò àti irú ohùn kúrò tí á fi ku bí ohùn ṣe ń rìn nìkan. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ kan náà ni.

Ní ti àǹtí mi, wọ́n kọ́kọ́ kùn díẹ̀, wọ́n dánu dúró, wọ́n ń ronú, wọ́n tún kùn. Orin mẹ́ta tó jáde ò jọ ọ́ rárá. Mo ní kí wọ́n mú ègbè nìkan, kí wọ́n má dúró títí ìṣẹ́jú-àáyá 15 á fi pé. Lọ́tẹ̀ yìí, orin kejì nínú èyí tó jáde ni. Àwo àtijọ́ kan ni, wọ́n sì mọ̀ ọ́n kí ègbè tó dé.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é

Tí orin bá ṣì ń dún, ẹ kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀. Ẹ sún mọ́ sípíkà, ẹ má fọwọ́ bo ihò gbohùngbohùn fóònù. Tí dátà bá ti tán, ẹ ṣì tẹ Shazam, torí á tọ́jú ohun tó gbọ́, á sì wá orúkọ rẹ̀ tí intánẹ́ẹ̀tì bá dé.

Tí kò bá rí i, ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ gbà. Tí àtẹ́wọ́ bá wà níbẹ̀, tàbí tí orin náà ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ bọ́ sórí kíkùn. Shazam kì í gba kíkùn, ṣùgbọ́n SoundHound ń gbà á. Lórí áàpù Google, ẹ tẹ àmì gbohùngbohùn, lẹ́yìn náà ẹ tẹ `Search a song`. Ègbè ló dáa jù láti kùn, torí ibẹ̀ ni ohùn ti ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ jù. Ibi tí olórin kàn ti ń sọ̀rọ̀ tàbí tó ń ki èèyàn kò ní ran ẹ̀rọ lọ́wọ́.

Ẹ má gba ohun àkọ́kọ́ tó bá jáde gbọ́ láìgbọ́ ọ. Kíkùn kì í fún yín ní ìdáhùn kan bí ìtẹ̀ka, àwọn orin tó jọra ló ń kó wá. Ẹ ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ tààrà síbi tẹ́ ẹ kùn.

Tí méjèèjì bá kùnà, ó ṣeé ṣe kí orin náà má sí nínú ilé àkójọ kankan, pàápàá tó bá jẹ́ ti olórin àdúgbò tó ń tà á lórí fíláàṣì. Ẹ padà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, kẹ́ ẹ bẹ ẹni tó ń tajà kó jẹ́ kẹ́ ẹ wo ojú ẹ̀rọ tó fi ń ṣeré. Orúkọ olórin lè wà lára orúkọ fáìlì náà.