Àmì Abẹ́ Lẹ́tà Lórí Fìlà

Ìbéèrè: Ọ̀gá olóòtú, nígbà tí mo fi ẹ̀rọ kọ «IYAH-GBẸDẸ» ní mìlímítà 4 sí iwájú fìlà, òwú ń já, àmì abẹ́ Ẹ sì di kókó. Kí ni kí n ṣe? — Aránṣọ kan, Iyah-Gbẹdẹ.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ kí orúkọ ìlú yín sọ àmì rẹ̀ nù. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: lẹ́tà tí kò ga ju mìlímítà 4 lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ̀ ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà, bẹ́ẹ̀ sì ni abẹ́rẹ́ 75/11 tí a sábà ń lò nípọn tó mìlímítà 0.75, nítorí náà ni ihò ọ̀tún àti ti òsì ṣe ń wọnú ara wọn, tí aṣọ fi ń ya, tí òwú sì fi ń já.

Bí ẹ bá ń lo òwú 40, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ lẹ́tà kankan tín-ín-rín ju mìlímítà 1 lọ. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà fìlà ga tó 7. Ẹ fẹ àmì abẹ́ náà dé 1.2, kí ẹ sì fi àyè 1 sí àárín òun àti lẹ́tà. Gbogbo Ẹ yóò gba nǹkan bí mìlímítà 9.

Lórí fìlà, láti àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí aṣọ má baà ká jọ. Fún àpò yúnífọ́ọ̀mù tí àyè kò gbà, òwú 60 àti abẹ́rẹ́ 65/9 yóò gba lẹ́tà mìlímítà 5. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ńlá pẹ̀lú ní òpin: ìrán tí ó bá gùn ju mìlímítà 7 lọ yóò máa há mọ́ nǹkan, ẹ pín in sí méjì.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára àlòkù irú aṣọ náà.