Ìrun Òkú ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun

Ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, bíi ti ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ìlànà Málíkì, ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́rin tí àwọn Súnì ń gbà túmọ̀ òfin ẹ̀sìn, ni àwọn Mùsùlùmí jogún. Ìdúró nìkan ni wọ́n fi ń kí ìrun òkú, láìsí ìforíkanlẹ̀. Wọ́n á gbé òkú síwájú lèmọ́mù, àwọn yòókù á tò sẹ́yìn rẹ̀ ní ìlà-ìlà, wọ́n á sì kọjú sí Mẹ́kà. Lèmọ́mù á dúró ní ọ̀gangan àárín ara ọkùnrin, ṣùgbọ́n ní ọ̀gangan èjìká obìnrin. Ẹni tó bá tẹ̀lé hádíìsì Sámúrà, tó ní Ànábì dúró sí àárín obìnrin, lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìrun náà kò sì bàjẹ́.

Kábárà, ìyẹn kíké pé Ọlọ́run ló tóbi jù lọ, jẹ́ mẹ́rin. Lẹ́yìn àkọ́kọ́ ni ìyìn Ọlọ́run, tí ọ̀pọ̀ ń fi Fátíhà ṣe. Lẹ́yìn ìkejì, ìtọrọ ìkẹ́ fún Ànábì. Lẹ́yìn ìkẹta, àdúà ìforíjìn fún òkú, tí í ṣe ọkàn ìrun náà gan-an. Lẹ́yìn ìkẹrin, àdúà kúkúrú, kí wọ́n tó sálámà. Ẹni tó pẹ́ dé á dúró de kábárà tó kàn, á sì san èyí tó sọnù lẹ́yìn sálámà lèmọ́mù.