Ọmọ Iṣẹ́, Má Sá Lóru

Ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, àṣìṣe tí mo ń rí lemọ́lemọ́ ni pé ọmọ iṣẹ́ á pa ìyà mọ́ra títí, á wá sá lọ lóru láìgba fírídọ̀mù, gbogbo ọdún tó ti lò á sì ṣòfò. Kọ́kọ́ wo irú iṣẹ́ tí wọ́n ń rán ọ. Bí ọ̀gá bá ní kí o lọ ra páàdì bíréèkì ní ọjà Ládípọ̀, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀: mú èyí tó ti jẹ dání, fi wé tuntun, kí o sì bi ọ̀gá bí a ṣe ń mọ ayédèrú. Fífọ aṣọ ilé rẹ̀ lójoojúmọ́ kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Bí ọdún kan bá kọjá tí o kò lè dá pààrọ̀ páàdì, ìránṣẹ́ ni wọ́n sọ ọ́ dà.

Àwọn kan á ní báyìí ni àwọn ọ̀gá náà ṣe sìn. Òótọ́ ni, ìsìn sì lè dípò owó ìkọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni àwọn òbí rẹ tìtorí rẹ̀ fà ọ́ lé ọ̀gá rẹ lọ́wọ́. Nítorí náà, dúró di ìrọ̀lẹ́ tí oníbàárà ti lọ, kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, kí o bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí o wà nídìí ọkọ̀ kan lójúmọ́ kí wọ́n tó rán ọ níṣẹ́. Bí kò bá gbà, sọ fún ẹni tó ṣe onídùúró rẹ, kó bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló kan alága ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá fi sípánà lù ọ́, má tẹ̀ lé ètò yìí: lọ sọ fún òbí rẹ lọ́jọ́ náà gan-an.