Bí ẹ ṣe lè sọ ojú ìwé dọ́gba nínú fáìlì PDF kan

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ sìkánà ṣòwò mọ̀ pé iṣẹ́ kì í parí níbi tí bébà tó kẹ́yìn ti jáde lábẹ́ ẹ̀rọ. Oníbàárà fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà nínú fáìlì PDF kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ojú ìwé kan yóò wà ní ìwọ̀n rẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e yóò fẹ̀ bí ẹní.

Ohun tó ń fà á ni pé píkísẹ́lì, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké, ni wọ́n fi ń wọn àwòrán nínú kọ̀ǹpútà. DPI tó wà lára fáìlì ló ń sọ iye píkísẹ́lì tí yóò wọ íǹṣì kan.

Ká sọ pé ojú ìwé 42 ni iṣẹ́ yín. Ẹ fi sìkánà ṣe 40 ní 300 DPI, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ ní píkísẹ́lì 2480. Tẹ́ ẹ bá fi 300 pín in, íǹṣì 8.27 ni, bí bébà A4 ṣe fẹ̀ gan-an nìyẹn. Fóònù lẹ fi ya méjì tó kù. Wọ́n fẹ̀ ní píkísẹ́lì 3000, ṣùgbọ́n 72 DPI ló wà lára wọn. Ẹ fi 72 pín 3000, ó di íǹṣì 41.7, ìlọ́po márùn-ún A4!

Ẹ kọ́kọ́ tún orúkọ àwọn fáìlì náà kọ: 001.jpg, 002.jpg, títí dé 042.jpg. Tó bá jẹ́ 1, 2 lásán lẹ kọ, kọ̀ǹpútà yóò to 10 ṣáájú 2. Lẹ́yìn náà, lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Ubuntu, ẹ fi img2pdf sí i, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wọ inú àpò tí àwọn àwòrán náà wà, kí ẹ sì tẹ èyí:

```
sudo apt install img2pdf
img2pdf --pagesize A4 *.jpg -o iwe.pdf
```

Gbogbo ojú ìwé yóò di A4. Àwòrán .jpg yín kò ní bàjẹ́, nítorí bó ṣe wà gẹ́lẹ́ ni img2pdf ń gbé e sínú PDF.

Ẹ ṣọ́ra fún rìsíìtì kékeré o. Àṣẹ yìí yóò fẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kún A4, lẹ́tà rẹ̀ yóò sì tóbi kọjá bó ṣe yẹ. Tí irú rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ fi `--fit shrink` kún un. Èyí tó tóbi ju A4 nìkan ni yóò dín kù, rìsíìtì tẹ́ ẹ fi sìkánà ṣe yóò wà ní ìwọ̀n tirẹ̀ láàárín bébà.

Kẹ́ ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:

```
pdfinfo -f 1 -l 42 iwe.pdf | grep 'Page.*size'
```

Ẹ ó rí ìlà kan fún ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ní A4 níparí ìlà rẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ tún ṣe, kí oníbàárà tó fi íǹkì àti bébà ṣòfò.