Fóònù Mọ́mì Mi Sọnù: Kí Ẹ Tó Tẹ "Sign out"

Tíṣà ní kí oníkálukú kọ nípa nǹkan tó mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi fẹ́ kọ nípa bí a ṣe ń wo gbogbo ẹ̀rọ tí íméèlì wa wà ní ṣíṣí lórí wọn, àti bí a ṣe ń jókòó sílé yọ íméèlì náà kúrò lórí fóònù tó sọnù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é lódì lọ́jọ́ tí fóònù Mọ́mì mi sọnù.

Ọjọ́ Sátidé ni. A kúrò nílé ẹ̀kọ́, a wọ bọ́ọ̀sì 36, a sì sọ̀ kalẹ̀ ní Pẹ́kàmù. A délé tán kí Mọ́mì tó fọwọ́ kan àpò, kò sí fóònù. Wọ́n ní, "Yéè! Màmá Ìbàdàn ńkọ́?" Màmá àgbà ni wọ́n ń sọ. Tí ẹnikẹ́ni bá fi WhatsApp Mọ́mì kọ̀wé sí Màmá àgbà pé òun nílò owó kíákíá, Màmá máa fi ránṣẹ́ ni, wọn ò ní béèrè ìdí.

Mo gbé láptọ́ọ̀pù mi. Mo ṣí ojú ìwé Incognito, kí íméèlì Mọ́mì má baà dúró sórí ẹ̀rọ mi, mo sì tẹ èyí:

```
myaccount.google.com
```

Mọ́mì tẹ íméèlì àti pásíwọọ̀dù wọn. Ni Google bá ní kí wọ́n wo fóònù wọn, kí wọ́n tẹ "Yes". Fóònù wo? Èyí tó sọnù náà ni! Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń há sí. Ohun tó yọ wá ni pé a tẹ "Try another way", a sì mú kóòdù ìpamọ́ tí wọ́n ti kọ sínú ìwé tí wọ́n ń kọ ìnáwó sí. Kóòdù mẹ́wàá ni Google máa ń fúnni lẹ́ẹ̀kan, oní-nọ́ńbà mẹ́jọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la sì lè lo ọ̀kan. Ẹ gbà á lábẹ́ "Security" nígbà tí fóònù yín ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù yẹn kan náà.

Bí a ṣe wọlé, mo lọ sí "Security", mo wá "Your devices", mo tẹ "Manage all devices". Gbogbo ẹ̀rọ tó ti lo íméèlì náà láàárín ọjọ́ 28 tó kọjá ló tò sílẹ̀ níbẹ̀: fóònù Mọ́mì, táábúlẹ́ẹ̀tì ilé, kọ̀ǹpútà mẹ́ta. Mọ́mì pariwo, "Ta ló ní kọ̀ǹpútà yìí? Ìsinsìnyí ló wọlé!" Láptọ́ọ̀pù mi ni. A jọ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rọ kan sì lè hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí pé ìgbà kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá wọlé láti inú áàpù tàbí bíráúsà ni Google lè kà sí session ọ̀tọ̀. Ẹ má fi ìlú tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìkan ṣèdájọ́, nítorí ìfojúdá ni. Irú ẹ̀rọ náà àti àkókò tí wọ́n lò ó gbẹ̀yìn ló ń sọ òótọ́ jù.

Mo tẹ orúkọ fóònù náà, "Sign out" jáde. Ìka mi ti wà lórí ẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń tún fóònù ṣe, ké láti kíṣìn-ín: "Dúró! Ṣé o ti wá a?"

Ó ní fóònù Android kò ṣe é wá lórí máàpù àfi tí íméèlì Google bá ṣì wà lórí ẹ̀. Tí mo bá lé íméèlì náà jáde, ńṣe ni mo tú okùn ọrùn ewúrẹ́ kí n tó mọ ibi tó wà. Nítorí náà, a kọ́kọ́ lọ síbi tí a ti ń wá a:

```
google.com/android/find
```

Fóònù náà yọ sórí máàpù ní Níú Kúróòsì, níbi tí bọ́ọ̀sì 36 ń parí sí, bátìrì rẹ̀ sì ku ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. A mú un dún. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa ń fi dún kíkankíkan, kódà tí wọ́n bá ti pa ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé e. A wá tì í pa láti ibi tí a jókòó sí, a sì kọ nọ́ńbà Dádì sójú ẹ̀ kí ẹni tó bá rí i lè pè. Mímú un dún àti títì í pa láti ọ̀nà jíjìn ń fẹ́ kí fóònù wà ní títàn, kó sì ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tí a kò fi kọ́kọ́ pe iléeṣẹ́ síìmù: tí wọ́n bá ti síìmù pa, íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ náà lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ti Mọ́mì ní PIN ní tirẹ̀ o. Tí fóònù yín kò bá ní, ẹ pè wọ́n lójú ẹsẹ̀.

Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, bátìrì kú. Ìgbà yẹn la padà sórí àkójọ, tí a tẹ "Sign out", tí Mọ́mì sì pààrọ̀ pásíwọọ̀dù. Pípààrọ̀ pásíwọọ̀dù nìkan kò tó, torí kì í lé gbogbo ẹ̀rọ jáde. (Ẹ̀yin oní-iPhone, ẹ lo "Mark As Lost". Ẹ má yọ fóònù yín kúrò nínú Find My, torí ìyẹn ló ń tú àgádágodo tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì lè lò ó.)

Mo rò pé a ti parí. Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá, Google la lé, a ò tíì lé WhatsApp. Òótọ́ ni: WhatsApp kò bá íméèlì lọ, fọ́tò tó wà nínú fóònù náà kò sì parẹ́. Kódà tí síìmù bá ti kú, WhatsApp ṣì lè ṣiṣẹ́ lórí Wáífáì. Ohun tó ń lé e kúrò lórí fóònù kan ni pé kí èèyàn fi nọ́ńbà náà wọlé lórí fóònù mìíràn. A pe iléeṣẹ́ síìmù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ti síìmù pa, Mọ́mì sì gba tuntun tó ní nọ́ńbà kan náà ní ọjọ́ Mọ́ńdè. A fi í sínú fóònù àtijọ́ kan, kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà wọlé, WhatsApp ṣí. Láàárín Sátidé sí Mọ́ńdè, Dádì ti pe Màmá àgbà, wọ́n ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ kò bá gbọ́ ohùn wa, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́."

Nínú àkójọ yẹn náà la ti rí kọ̀ǹpútà kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. A wo déètì, Mọ́mì rántí: ọjọ́ tí wọ́n lọ tẹ fọ́ọ̀mù jáde ní láíbìrì ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni íméèlì wọn fi wà ní ṣíṣí níbẹ̀. A lé ìyẹn náà jáde.

Ní Tọ́sìdeè, wọ́n bá wa rí fóònù náà níbi tí wọ́n ń kó ẹrù tó sọnù sí. A ṣá a lọ́jọ́, a tàn án. Íméèlì ń béèrè pásíwọọ̀dù, WhatsApp sì ní nọ́ńbà yìí kò sí lórí fóònù yìí mọ́. Mọ́mì fa igi kọjá lórí kóòdù tí a lò nínú ìwé ìnáwó wọn. Mẹ́sàn-án ló kù.