Kí Ìwé Ìdánwò Tó Dé Ọ̀dọ̀ Atẹ̀wé: Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìwé Ìdáhùn Wò

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ka Yorùbá ni yóò di olùkọ́. Àwọn tó ti lọ ṣe ìdánrawò olùkọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń gbé lé èèyàn lọ́wọ́ ni pé kó ṣe ìbéèrè ọbujẹ́tíìfù fún ìdánwò ìparí táàmù. Ẹni tó ṣe ìbéèrè yóò kọ lẹ́tà ìdáhùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Ìwé ìdáhùn yẹn, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní máàkìn-gáìdì, kì í sábà rí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ ìwé náà ló ń sọ ẹni tó yege àti ẹni tó fìdí rẹmi.

Kíka ìbéèrè pọ̀ mọ́ ìdáhùn kì í ṣe àyẹ̀wò. Bí ojú rẹ bá ti rí i pé “C” ni wọ́n kọ, ọkàn rẹ yóò máa wá ìdí tí C fi tọ̀nà. Ohun tó yẹ ni kí olùkọ́ méjì tí kò sí níbi tí wọ́n ti ṣe ìbéèrè jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n dáhùn gbogbo rẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́, láìrí ìwé ìdáhùn. Lẹ́yìn náà ni a ó tẹ́ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, a ó sì wo ibi tí wọn kò ti bára mu.

Ibi tí wọn kò ti bára mu yìí ni ẹ̀kọ́ wà. Bí àwọn méjèèjì bá mú lẹ́tà kan náà, tí ìwé ìdáhùn sì mú òmíràn, ìwé ìdáhùn ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí àwọn méjèèjì kò bá fẹnu kò láàárín ara wọn, ìbéèrè gan-an ni kí ẹ fura sí.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdánwò oníbéèrè ogójì kan fún SS1 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ìbéèrè 18 ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀rọ̀ tó dúró fún 45. Ìwé ìdáhùn sọ pé B ni, àwọn olùdáhùn méjèèjì mú D, níbi tí “márùndínláàádọ́ta” wà. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹni tó ṣe ìbéèrè ti tún àwọn àṣàyàn tò kí ìdáhùn má baà pọ̀ jù lórí B, ó sì gbàgbé láti yí lẹ́tà inú ìwé ìdáhùn padà. A ṣe àtúnṣe rẹ̀, ó parí.

Ìbéèrè 7 kò rọrùn bẹ́ẹ̀: “Fáwẹ́lì àránmúpè mélòó ni ó wà nínú èdè Yorùbá?” Olùdáhùn kan mú 4, èkejì mú 5, bẹ́ẹ̀ méjèèjì wà lára àṣàyàn. Kò sí ẹni tó ṣì í nínú wọn. Nínú àkọtọ́, à ń kọ an, ẹn, in, ọn, un, márùn-ún ni. Ṣùgbọ́n ní ẹnu ọ̀pọ̀ wa, ìró kan náà ni an àti ọn. Àkọtọ́ ló pín wọn níyà: a máa ń kọ ọn lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì tí a fi ètè pè, bíi ti ìbọn àti gbọ́n, a sì ń kọ an níbòmíràn, bíi ti ìtàn. Ẹni tó ka ìró yóò sọ pé mẹ́rin ni, ẹni tó ka lẹ́tà yóò sọ pé márùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ jù lọ nínú kíláàsì gan-an ni irú ìbéèrè yìí máa ń gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan á ní ká gba ìdáhùn méjèèjì. Èmi kò fara mọ́ ọn nígbà tí ìwé kò tíì dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó rí 4 àti 5 pọ̀ yóò ṣì fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Ẹ tún ìbéèrè náà kọ: “Nínú àkọtọ́ Yorùbá òde òní, fáwẹ́lì àránmúpè mélòó ni a ń kọ sílẹ̀?” Ìdáhùn kan ṣoṣo ló kù.

Ìbéèrè 12 ní kí wọ́n ka sílébù inú “gbangba”. Ìwé ìdáhùn ní 2, olùdáhùn kan ní 2, èkejì ní 3. Ìyapa wọn jọ ti ìbéèrè 7, ṣùgbọ́n níbí yìí ẹnì kan jàre. Ẹ rántí òfin an àti ọn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn gb, ọn ni a fi ń kọ fáwẹ́lì àránmúpè. Bí “gban” bá jẹ́ sílébù kan, “gbọn” ni à bá kọ. Nítorí náà n yẹn dá dúró, kọ́ńsónáǹtì aránmú aṣesílébù ni: gba-n-gba, mẹ́ta. Ohùn àárín ló wà lórí rẹ̀, a kì í sì í sábà fi àmì sí ohùn àárín, ìdí nìyẹn tí ojú fi ń fò ó. Mo rò pé ìbéèrè náà ga jù fún SS1 pẹ̀lú. Ẹ fi “òroǹbó” rọ́pò rẹ̀. Àmì orí ǹ fi hàn pé sílébù ni, mẹ́rin sì ni iye rẹ̀.

Ọ̀nà yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nínú ìbéèrè 23, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀rọ̀ àyálò láàárín ṣọ́ọ̀ṣì, àlùbọ́sà, ilé àti ẹsẹ̀. Ìwé ìdáhùn mú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn olùdáhùn náà mú un. Ó bára mu, ó sì kù díẹ̀ káàtó, torí ọ̀dọ̀ Haúsá ni a ti yá àlùbọ́sà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rò. Ohun tó lè mú irú èyí ni kí olùdáhùn kọ ìdí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àṣàyàn kọ̀ọ̀kan tí kò mú: kí ló dé tí èyí kò fi tọ̀nà? Tó bá dé orí àlùbọ́sà, yóò dúró. Iṣẹ́ náà ń jẹ àkókò lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń rí ohun tí ìfẹnukò ń bò mọ́lẹ̀.

Ó ku ìbéèrè 31, tí gbogbo wọn gbà láìjiyàn: “Èwo ni a fi ń bu omi?” A. igba, B. ìgbà, C. igbá, D. igbà. C ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé dé kọ̀ǹpútà atẹ̀wé, tí fọ́ǹtì ibẹ̀ kò gba àmì ohùn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di “igba”. Níbòmíràn, ẹ́ àti ọ̀ lè di àpótí òfìfo. Nítorí èyí, PDF tó ní fọ́ǹtì nínú ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe fáìlì Word lásán. Kí ẹ sì gba ẹ̀dà kan tí wọ́n ti tẹ̀ sórí bébà kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Olùdáhùn kan yóò tún dáhùn gbogbo rẹ̀ láti orí bébà yẹn. Àwọn lẹ́tà tó mú níbẹ̀ ni a ó fi wé ìwé ìdáhùn fún ìgbà ìkẹyìn. Bí ìdánwò bá ní Type A àti Type B, bébà kọ̀ọ̀kan ni a ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún, torí ìwé ìdáhùn A kò lè ṣiṣẹ́ fún B.